Kí o tó fi nǹkan oṣù ṣètò eré sísá

"Ẹ̀yin àǹtí tó ń sáré ọ̀nà jíjìn, ẹ gbà mí o. Mo fẹ́ máa fi nǹkan oṣù mi ṣètò bí mo ṣe ń sáré. Ìgbà wo ni kí n sáré kíkankíkan, ìgbà wo ni kí n dẹwọ́? Ọjọ́ 29 ni tèmi máa ń pé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti fi kún kìlómítà, ó di ọjọ́ 36, èyí tó kọjá yìí sì jẹ́ 41. Kóòṣì mi ní ara mi ló ń le, pé kò sí wàhálà."

Àbúrò mi, fi ọ̀rọ̀ ìgbà kíkan àti ìgbà ìdẹwọ́ sílẹ̀ ná. Ohun tí kóòṣì rẹ ń pè ní ara líle yẹn gan-an ni kó o kọ́kọ́ mójú tó. O sọ iye kìlómítà tó lé, o ò sọ̀rọ̀ oúnjẹ rárá. Tí nǹkan oṣù bá ń sún báyẹn lẹ́yìn tí eré pọ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kí ẹyin máa pẹ́ kó tó jáde, ó sì lè má jáde rárá. Bí ẹyin ò bá sì jáde, apá kejì oṣù, ìyẹn láti ìgbà tí ẹyin jáde títí ẹ̀jẹ̀ fi dé, tí o fẹ́ fi ṣètò nǹkan ò sí níbẹ̀.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Eré ló máa ń kọ́kọ́ bu tirẹ̀ nínú oúnjẹ tí a jẹ lóòjọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ọkàn, ọpọlọ, egungun, ìgbóná ara àti ilé ọmọ máa pín láàárín ara wọn. Bí kò bá tó, ara ò ní dá ọkàn dúró. Ibi tí kò ní pa èèyàn lónìí ló ti máa dín ìnáwó kù. Apá kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó máa ń ta họ́mónù síta léraléra kí ilé ẹyin lè mọ̀ pé iṣẹ́ yá. Nígbà tí ìṣẹ́kù bá kéré jù, títa yẹn á falẹ̀, ẹyin ò ní gbó lásìkò, nǹkan oṣù á máa sún títí tí yóò fi dáwọ́ dúró.

Anne Loucks, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ dán èyí wò lára àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí nǹkan oṣù wọn ń lọ déédéé, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2003. Ọjọ́ 5 péré ti tó kí títa họ́mónù yẹn dàrú, nígbà tí ìṣẹ́kù bá ti wá sábẹ́ kálórì 30 lójúmọ́ fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan ara, láì ka ọ̀rá mọ́ ọn. Nǹkan bíi 45 ni wọ́n ń lò fún ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ká iṣẹ́ rẹ̀. Má rò pé ògiri ni 30 yẹn o. Àwọn kan wà tí nǹkan oṣù wọn á ti dàrú kí wọ́n tó débẹ̀.

Jẹ́ kí n fi tèmi ṣírò rẹ̀. Kìlógíráàmù 55 ni mo wọ̀n nígbà tí nǹkan oṣù tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sún, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rá, èyí tó fi kìlógíráàmù 44 sílẹ̀. Eré sísá máa ń jẹ tó kálórì kan fún kìlógíráàmù kan ní kìlómítà kan. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo bá sá kìlómítà 12, kálórì 660 ti lọ. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń jẹ, mi ò fo ìkankan, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ sí 1,900. Yọ 660 kúrò, ó ku 1,240. Pín in sí 44, ó jẹ́ 28. Lọ́jọ́ tí mo bá sá kìlómítà 25, eré nìkan á gba 1,375. Bí mo tiẹ̀ jẹ 2,200 lọ́jọ́ náà, 825 ló kù, kò sì pé 19 fún kìlógíráàmù kan. Kí n tó lè dé 45 lọ́jọ́ kìlómítà 12, mo ní láti jẹ 2,640. Àlàfo 740 kálórì rèé lójúmọ́, láì sí ẹnì kankan tó ń febi pa ara rẹ̀, láì sí ẹni tó fẹ́ tín-ín-rín.

Má wá di ẹni tó ń ka kálórì lójoojúmọ́ nítorí ìṣirò yìí. Aago ọwọ́ máa ń ṣì í kà, àwa náà kì í rántí gbogbo ohun tá a jẹ. Mo kàn fẹ́ kó o rí bí àlàfo náà ṣe ń tóbi láì pariwo. Kìlógíráàmù mi ò tiẹ̀ yí padà fún ìgbà pípẹ́, torí ara ti dín ìnáwó kù níbòmíràn. Ẹni tó bá ń wo òṣùwọ̀n nìkan ò ní rí nǹkan kan. Lẹ́yìn eré kíkan pàápàá, ebi kì í tètè pa èèyàn, nítorí náà má fi ebi ṣe adájọ́.

Nǹkan oṣù ló kọ́kọ́ sún ní tèmi. Lẹ́yìn ìyẹn, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi níbi tí kò ti mú ẹlòmíràn, mo ń jí láàárín òru, mo ń bínú lórí ohun tí kò tó nǹkan, ọ̀fìnkìn ò sì jẹ́ kí n sinmi. Ọkàn mi ń lù díẹ̀díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí mo bá jókòó, aago ọwọ́ sì ń yìn mí pé ara mi ti le sí i. Àmọ́ ẹsẹ̀ ò fò mọ́. Eré tó rọrùn tẹ́lẹ̀ wá dà bí iṣẹ́ agbára, ọjọ́ ìsinmi kan ò sì yí i padà.

Egungun ló kàn. Ẹ̀sítírójìn, họ́mónù tí ilé ẹyin ń ṣe, wà lára ohun tó ń dáàbò bo egungun, nígbà tí ilé ẹyin bá sì falẹ̀, òun náà á lọ sílẹ̀. Ìrora tó gba gbogbo ojúgun, tó máa ń lọ bí ara bá ti gbóná, kì í sábà jẹ́ egungun tó là. Tèmi yàtọ̀. Mo fi ìka kan tẹ ojúgun mi láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kò sí nǹkan kan, títí mo fi dé ojú kan tí kò ju orí ìka lọ, ni mo bá ké. Ó ń dùn mí lóru pẹ̀lú, tí mi ò rìn rárá. Egungun tó ti là wẹ́rẹ́ nìyẹn. Fọ́tò egungun àkọ́kọ́ ò fi hàn, torí ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn lórí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò onímágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní MRI ló gbé e jáde. Bí ìrora bá wà níwájú ìbàdí, ní ibi tí itan ti so mọ́ ara, tó ń dùn bí o bá fi ẹsẹ̀ kan fò, má sáré mọ́, dókítà ló kàn lọ́jọ́ yẹn. Egungun ibẹ̀ lè ṣẹ́ pátápátá, iṣẹ́ abẹ ni yóò sì já sí.

Dókítà tí mo kọ́kọ́ rí sọ ohun tí kóòṣì rẹ sọ, ó sì fún mi ní oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kí nǹkan oṣù lè "padà". Ẹ̀jẹ̀ wá lóòótọ́, lórí àkókò gan-an. Oògùn ló mú un wá, kì í ṣe ilé ẹyin, kò sì fi hàn pé egungun ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ẹni tó bá ń lo oògùn yẹn ò lè fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wo bóyá oúnjẹ ká eré. Àwọn àmì yòókù ló kù fún un.

Ohun tó tún tèmi ṣe ò ní àwàdà nínú. Mo dá eré kíkan àti eré gígùn dúró, mo fi ìwọ̀nba eré jẹ́jẹ́ sílẹ̀, mo sì fi ọjọ́ ìsinmi kún un. Nígbà tí egungun là, gbogbo eré dúró. Oúnjẹ lé ní kálórì 300 lójúmọ́ lákọ̀ọ́kọ́, ó sì gòkè díẹ̀díẹ̀ sí nǹkan bíi 600. Èyí tó yí nǹkan padà jù ni àkókò tí mò ń jẹ ẹ́. Tẹ́lẹ̀, láti oúnjẹ alẹ́ títí di wákàtí méjì lẹ́yìn eré àárọ̀, mi ò fi nǹkan kan sẹ́nu. Mo wá ń jẹ búrẹ́dì kí n tó jáde nílé, mo sì ń jẹun gidi ní kété tí mo bá dé. Má gé oúnjẹ afúnnilókun kúrò o, torí ó jọ pé àìtó rẹ̀ máa ń dá kún wàhálà yìí. Okun lè padà láàárín ọ̀sẹ̀, nǹkan oṣù máa ń gba oṣù bíi mélòó kan, egungun sì lè gba ọdún. Kìlógíráàmù mi gòkè díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dé.

Ní ti ìbéèrè rẹ gan-an. Bí ẹyin bá jáde, họ́mónù purojẹ́sítírọ́ọ̀nù á gbé ìgbóná ara sókè ní nǹkan bíi dígírì 0.3 sí 0.5 ti Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, mímí á yá díẹ̀, ọkàn á máa lù sí i díẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú ní apá kejì oṣù, eré kan náà lè wúwo sí i. Èmi kì í fi aago lé ara mi lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, mo máa ń sá a bó ṣe rọ̀ mí lọ́rùn, mo sì ń jẹ sí i bí ebi bá ń pa mí. Yàtọ̀ sí èyí, àkójọ ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020 rí i pé ìyàtọ̀ tí ìgbà inú oṣù ń mú bá agbára eré kéré gan-an, ó kàn rẹlẹ̀ díẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, ọ̀pọ̀ ìwádìí ọ̀hún ò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tà ọ́ ní ètò "ọ̀sẹ̀ yìí sáré, ọ̀sẹ̀ yẹn sinmi" fún gbogbo obìnrin, ọjà ló ń tà. Inú rírun tàbí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lè dá ọ dúró ní ọjọ́ tìrẹ. Kọ ọ́ sílẹ̀, kó o sì ṣètò lórí ohun tí ìwọ bá rí.

Ohun tí mo ń fi ìgbà inú oṣù wò jù ni bóyá oúnjẹ ká eré. Mo ń lo ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń tẹ̀ bọ inú ìtọ̀ láti mọ ọjọ́ tí ẹyin fẹ́ jáde, mo sì ń ka ọjọ́ láti ibẹ̀ dé ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ dé. Bí kò bá pé ọjọ́ 10, apá kejì ti kúrú jù, bí nǹkan oṣù tiẹ̀ dé lásìkò. Mo ń fi kún oúnjẹ nígbà yẹn kí n tó fi kún kìlómítà.

Ní tìrẹ báyìí, àyẹ̀wò oyún ló kọ́kọ́, má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Lẹ́yìn náà, mú ọjọ́ 29, 36 àti 41 yẹn lọ bá dókítà, kí wọ́n yẹ họ́mónù táírọ́ìdì àti ti purolákítìnì wò nínú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n wo iye irin tó wà nípamọ́ lára rẹ, kí wọ́n sì rí i dájú pé kì í ṣe àrùn ilé ẹyin mìíràn. Bí oṣù mẹ́ta bá lọ láì rí ẹ̀jẹ̀, tàbí egungun rẹ ti là rí, bi wọ́n nípa wíwọn bí egungun ṣe le tó. Sọ fún kóòṣì pé kìlómítà ò ní lé sí i títí èsì yóò fi dé.