Oníbàárà ní kí n dín owó ọjà kù: kí ni kí n kọ sí i?

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo kọ ọ́ sínú ìpolówó pé owó rẹ̀ kò ní dín, pé ẹni tó bá rà á ló máa wá gbé e, àti pé mi ò ní gbà á padà. Ẹnì kan wá ní kí n yọ ìdá kan nínú márùn-ún, kí n gbé e wá fún òun, kí òun sì lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan wò. Báwo ni mo ṣe lè dá a lóhùn láì rí i fín?

Ìdáhùn: Nǹkan mẹ́ta ló ń béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó ló fi ṣíwájú. Ibi tí ọ̀pọ̀ olùtajà ti ń kó sí wàhálà nìyẹn: wọ́n á dáhùn ti owó, wọ́n á dákẹ́ lórí ìyókù, oníbàárà á sì gbà pé wọ́n ti gbà. Ẹ fọwọ́ kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí èmi ì bá kọ rèé:

“Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ ṣé tí ẹ bi mí. Iye tó wà nínú ìpolówó náà ni mo ṣì ń tà á, torí bẹ́líìtì rẹ̀ tuntun ni. Bí mo ṣe kọ ọ́, ẹni tó bá rà á ló máa wá gbé e, mi ò sì ní gbà á padà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ mú aṣọ tiyín wá, kí ẹ fi rán nǹkan títí ọkàn yín á fi balẹ̀. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa wá.”

Àlàyé kan ṣoṣo tó. Bí ẹ bá to àwíjàre mẹ́rin jọ, ẹ ti fún un ní nǹkan mẹ́rin tó máa bá yín jà lé lórí. Ẹ má sì kọ “ẹ wá wò ó ná, a jọ máa sọ̀rọ̀.” Létí ẹni tó ń nájà, ó ti dín nìyẹn, owó tó dín náà nìkan ló sì máa mú dání wá.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣàánú rẹ̀ lórí owó, ẹ dárúkọ iye náà gan-an àti ọjọ́ tó máa parí, kí ẹ sì fi kún un pé ìyókù wà bó ṣe wà. Bó bá tún padà wá pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ kan náà, gbólóhùn kan ti tó: “Ẹ má bínú, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà.”

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé àléébù ló rí, bóyá òwú ń fo nígbà tó ń rán an wò, tí ẹ kò sì kọ ọ́ sínú ìpolówó, ìyẹn kì í ṣe ìnájà mọ́. Ẹ tún un ṣe tàbí kí ẹ dín owó rẹ̀, kí ẹ sì kọ àléébù náà sí i. Ẹ ò lè fi “mi ò ní gbà á padà” bo ohun tí ẹ kò sọ fún un.