Ọjọ́ tí àdéhùn parí kọ́ ni ọjọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Jẹnẹrétọ̀ àti sólà ni mo ń tọ́jú fún àwọn iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti òtẹ́ẹ̀lì ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Kọ́sítọ́mà 37 ni mo ní. Lọ́dún tó kọjá, méjì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ torí mo gbàgbé ọjọ́ tí àdéhùn wọn parí. Ọmọkùnrin kan ní kí n san ₦150,000 fún áàpù tó máa ń rán èèyàn létí. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ̀yin lẹ ṣe ìkẹrin tó ń bi mí nípa irú áàpù bẹ́ẹ̀ lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń sú mi. Google Sheets tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ máa gba kọ́sítọ́mà 37 tinútinú. Inú àkáǹtì Gmail yín ló sì wà, bí wọ́n bá jí fóònù yín ní Tákìé lọ́la, ẹ máa bá a lórí fóònù mìíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ yín ṣe ná. Ẹ ní ẹ gbàgbé ọjọ́ tí àdéhùn parí. Mo fura pé ká ní ẹ tiẹ̀ rántí, ẹ̀pa kò ní bóró mọ́. Ẹ lọ gbé ìwé àdéhùn àwọn méjèèjì jáde, kẹ́ ẹ wá ibi tó ti sọ̀rọ̀ nípa ìfitónilétí, ìyẹn iye ọjọ́ tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi sọ fún ẹnì kejì ṣáájú ìparí pé òun fẹ́ tẹ̀ síwájú, òun fẹ́ dúró, tàbí òun fẹ́ yí owó padà. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí mo ti rí, ọjọ́ 30 tàbí 60 ni. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn ń tì. Bí ọjọ́ ìparí bá fi máa pé, kọ́sítọ́mà ti bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ tán.

Ọ̀nà kejì tó fi ń dunni tún wà. Àwọn àdéhùn kan máa ń tún ara wọn ṣe bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin á máa dunnú pé kọ́sítọ́mà ṣì wà, láìmọ̀ pé ẹ ti fara mọ́ owó èṣí fún ọdún kan sí i, nígbà tí fílítà àti ọ́ìlì ti gbówó lórí. Áàpù wo ló máa ka ìyẹn fún yín? Ẹ̀yin náà lẹ máa jókòó kà á, kẹ́ ẹ sì kọ iye ọjọ́ yẹn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú iléèwé kan ní Sàbó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún wọn ní 1 oṣù kẹta 2025, oṣù 12 ni àdéhùn, ìfitónilétí jẹ́ ọjọ́ 60. Ìparí rẹ̀ bọ́ sí 28 oṣù kejì 2026. Ẹ ka ọjọ́ 60 sẹ́yìn: 30 oṣù kejìlá 2025. Ẹ wò ó dáadáa. Àárín Kérésì àti ọdún tuntun ni, iléèwé ti tì, alága sì ti lè rìnrìn àjò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ka ọjọ́ 30 sí i sẹ́yìn, tí mo ń pè ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó bọ́ sí 30 oṣù kọkànlá. Ọjọ́ Àìkú ni, torí náà láàárọ̀ Ajé, 1 oṣù kejìlá, kẹ́ ẹ ti wà lọ́fíìsì wọn pẹ̀lú ìwé owó tuntun. Ẹni tó ń ṣọ́ 28 oṣù kejì ti pẹ́ ní oṣù méjì.

Bí síìtì náà ṣe rí nìyí. Òpó A ni orúkọ kọ́sítọ́mà, B ni ẹni tó ń fọwọ́ sí owó àti nọ́ńbà rẹ̀ (kì í ṣe ti mégàádì o), C ni ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, D ni iye oṣù, F ni iye ọjọ́ ìfitónilétí. E ni ọjọ́ ìparí, G ni ọjọ́ tí ìfitónilétí gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn, H ni ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ má fọwọ́ kọ E, G àti H rárá. Ẹ jẹ́ kó ṣírò wọn fúnra rẹ̀. Nínú ìlà kejì, ẹ kọ ìwọ̀nyí sí E2, G2 àti H2 bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn:

```
=EDATE(C2,D2)-1
=E2-F2
=G2-30
```

Bí ẹ bá rí nọ́ńbà gbọọrọ bíi 46081 dípò ọjọ́, kò bàjẹ́. Ẹ mú òpó náà, kẹ́ ẹ lọ sí Format, Number, Date.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ọ̀nà tí síìtì gbà ń ka ọjọ́. Bí ètò rẹ̀ bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, oṣù ló máa kọ́kọ́ kà. Ó ti ṣe mí rí: mo kọ 09/05 fún 9 oṣù karùn-ún, ó kà á sí 5 oṣù kẹsàn-án, kò sì pariwo kankan. Oṣù mẹ́rin ni mo fi pẹ́ dé ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́mà yẹn, ẹlòmíì ni mo bá níbẹ̀ tó ń tú ẹ̀rọ. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó kọ ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ lọ sí File, Settings, Locale, kẹ́ ẹ mú United Kingdom. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti kọ nǹkan, kò ní tún àwọn tó ti ṣì kà ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ kọ 25/12/2025 dánwò: bó bá sún sí ọwọ́ ọ̀tún, ọjọ́ ló kà á sí, bó bá dúró sí ọwọ́ òsì, ọ̀rọ̀ lásán ló kà á sí.

Òpó méjì tó tẹ̀ lé e wà fún pípe kọ́sítọ́mà padà: I ni ohun tó kàn láti ṣe, J ni ọjọ́ tó kàn. Ẹ má gbé fóònù sílẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀ láìkọ ọjọ́ míì sí J. "Pè é láìpẹ́" kì í ṣe ọjọ́. Ẹ fi èyí sí K2:

```
=IF(J2="","KÒ SÍ ỌJỌ́",IF(J2<=TODAY(),"ṢE É",""))
```

Ẹ wá ṣe ẹ̀dà E2, G2, H2 àti K2 wálẹ̀ dé ìlà kọ́sítọ́mà tó kẹ́yìn. Kí ẹ má retí pé síìtì yìí máa dún bí aago. Kò ní dún. Àárọ̀ Ajé ni kẹ́ ẹ máa ṣí i, kẹ́ ẹ wo òpó K láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ tó wà ní H nìkan ni kẹ́ ẹ gbé sínú Google Calendar, kó lè dún lórí fóònù yín. Ẹ má gbé ọjọ́ ìparí síbẹ̀, torí ẹ tún máa padà sídìí rẹ̀.

Àwọn tí ìwé wọn kò sọ nǹkankan nípa ìfitónilétí ńkọ́? Ẹ kọ 30 sí F kí iṣẹ́ lè máa lọ, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe lọ́yà. Ẹ fi ìwé náà han lọ́yà kẹ́ ẹ tó lọ bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Bí kò bá sì sí ìwé rárá, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ẹ kọ "MÚ ÌWÉ LỌ" sí I, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ sí J.