Èsì: Lẹ́tà lórí owó kéèkì

“Fulawa àti bọ́tà ti gbówó lórí. Kí ni kí n kọ sí àwọn oníbàárà mi?”

Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó kọ̀wé. Ká ní kéèkì ₦8,000 ń gba gíráàmù 250 fulawa, bọ́tà náà 250. Bí fulawa bá kúrò ní ₦300 bọ́ sí ₦400, tí bọ́tà kúrò ní ₦3,000 bọ́ sí ₦3,600, ₦700 ló lé. Iye yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi kún un.

Èmi á kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ ṣeun. Fulawa ti wọ́n sí i, bọ́tà ló wá burú jù. Láti oṣù tó ń bọ̀, kéèkì ₦8,000 yóò di ₦8,700. Ẹni tó bá ti sanwó ṣáájú kò ní fi kọ́bọ̀ kún un. Bọ́tà la ṣì ń lò, kì í ṣe màjarín-ìn, a ò sì dín ìwọ̀n rẹ̀ kù.”

Ẹ má yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn o. Bí bọ́tà bá di màjarín-ìn, òórùn kéèkì á yàtọ̀, ẹni tó ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́ á sì mọ̀. Ẹ má da ọ̀rọ̀ dọ́là sí i. Àwọn àgbà tó ń rà lọ́wọ́ yín l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wọn.