Kọ̀ǹpútà kan kò rí àwọn ẹ̀rọ òkè: ẹ wo nọ́ńbà tó wà ní Subnet Mask

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ilé alájà méjì ni ọ́fíìsì wa ní Òkè-Ìlewó, Abẹ́òkúta. Kọ̀ǹpútà tuntun kan nísàlẹ̀ ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń rí àwọn kọ̀ǹpútà ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí pírńtà òkè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn yòókù nísàlẹ̀ ń rí i. Ẹni tó tò ó fún wa ló fọwọ́ tẹ àdírẹ́ẹ̀sì 10.10.1.45 sí i. Ti pírńtà jẹ́ 10.10.2.30. A ti pààrọ̀ wáyà, kò yí padà. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ fi wáyà sílẹ̀, nítorí wáyà tó bàjẹ́ kì í jẹ́ kí ènìyàn dé íńtánẹ́ẹ̀tì kó tún wá dí i lọ́nà òkè. Máàsìkì ni mo fura sí, ìyẹn nọ́ńbà tí Windows ń kọ sí abẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú orúkọ `Subnet Mask`. Ẹ ṣí Command Prompt lórí kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ tẹ èyí:

```
ipconfig
```

Ẹ ṣe bákan náà lórí kọ̀ǹpútà ìsàlẹ̀ mìíràn tó ń rí òkè, kí ẹ sì fi méjèèjì wéra. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá 255.255.255.0 lórí èyí tó dára, kí ẹ sì bá 255.0.0.0 lórí tuntun.

Iṣẹ́ máàsìkì ni láti sọ fún kọ̀ǹpútà ẹni tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Níbi tí ó bá ti jẹ́ 255.255.255.0, ọ̀wọ́ nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bára mu kí ẹ̀rọ méjì tó lè jẹ́ aládùúgbò. Nítorí náà 10.10.1 àti 10.10.2 yàtọ̀ síra, kọ̀ǹpútà yóò sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ráútà kí ó bá a gbé e lọ sókè. Ṣùgbọ́n níbi tí ó bá ti jẹ́ 255.0.0.0, 10 àkọ́kọ́ nìkan ni kọ̀ǹpútà ń wò. Ó rí 10 lára pírńtà, ó gbà pé ìtòsí ni ó wà, ó sì kọ̀ láti lo ráútà: ńṣe ni ó ń kígbe pe pírńtà náà lórí wáyà ìsàlẹ̀, bí ẹni tó dúró sí Ìtòkú tó ń pe ẹni tó wà ní Kútọ̀. Ráútà kì í gbé irú igbe bẹ́ẹ̀ kọjá láti àjà kan sí èkejì, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò dáhùn. Ní ti íńtánẹ́ẹ̀tì, àdírẹ́ẹ̀sì tibẹ̀ kì í fi 10 bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi ń fi í lé ráútà lọ́wọ́ tí gbogbo rẹ̀ sì ń lọ déédéé.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ tẹ `ping 10.10.2.30`. Ìdáhùn tí ẹ óò rí yóò jọ èyí:

```
Reply from 10.10.1.45: Destination host unreachable.
```

Ẹ wo ẹni tó dáhùn dáadáa: kọ̀ǹpútà yín fúnra rẹ̀ ni. Ó ń sọ pé òun pè títí, òun kò rí ẹni jẹ́ òun. Bí ó bá jẹ́ `Request timed out.` ni ẹ rí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n pa pírńtà náà.

N kò rò pé ẹni tó tò ó fún yín mọ̀ọ́mọ̀ tẹ 255.0.0.0. Nínú àpótí àtijọ́ tí Windows fi ń gba àdírẹ́ẹ̀sì, bí ènìyàn bá ti kúrò lórí ìlà àdírẹ́ẹ̀sì báyìí, Windows a fúnra rẹ̀ kọ máàsìkì sí i gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ ṣe rí. Àṣà tó ti wà ṣáájú 1993 ni. Fún 192.168, yóò kọ 255.255.255.0, èyí tó sábà máa ń bá ọ́fíìsì mu. Fún 10, yóò kọ 255.0.0.0. Ẹni tí 192.168 ti mọ́ lára kì í wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Láti tún un ṣe, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, kí ẹ kọ `ncpa.cpl`, kí ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ ń lò, kí ẹ yan `Properties`, lẹ́yìn náà `Internet Protocol Version 4 (TCP/IPv4)`. Ẹ pa 255.0.0.0 rẹ́, ẹ kọ 255.255.255.0, kí ẹ sì rí i pé `Default gateway` bá ti kọ̀ǹpútà tó dára mu. Kò sí ìdí láti pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tún tàn án. Bí ẹ bá gba ojú-ewé `Settings` ti Windows 10 wọlé, ó lè béèrè `Subnet prefix length` dípò máàsìkì. 24 ni ẹ óò kọ síbẹ̀. Èmi a fẹ́ kí ẹ yan `Obtain an IP address automatically` bí ó bá jẹ́ pé ráútà ni ó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún àwọn yòókù, torí pé máàsìkì tó tọ́ yóò bá àdírẹ́ẹ̀sì wá.

Ẹ tún yẹ àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn tí ẹni kan náà tò wò, kódà bí wọ́n bá ń rí òkè. Àwọn ráútà kan wà tó ń dáhùn igbe náà lórúkọ ẹ̀rọ tó wà lódìkejì, máàsìkì tí kò tọ́ a sì fara pamọ́ sábẹ́ wọn títí di ọjọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ ráútà.