Lẹ́tà ìdádúró fún òṣìṣẹ́ tó ṣì wà lábẹ́ ìdánwò

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń ta ohun ìkọ́lé ní Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta níbí. Mo gba ọmọkùnrin kan ṣe akọ̀wé sítọ́ọ̀ ní 3 oṣù Kejì 2025, ₦110,000 lóṣù, ìdánwò oṣù mẹ́fà. Kì í tètè dé, kì í sì í kọ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀. Mo fún un níwèé ìkìlọ̀ ní 11 oṣù Kẹrin, kò gbọ́. Ó yá ₦15,000 lọ́wọ́ mi, ó sì fọwọ́ sí i. Páànù tí owó rẹ̀ tó ₦48,000 tún ti dàwátì. Mo fẹ́ kó máa lọ ní ọjọ́ Ẹtì yìí, 9 oṣù Karùn-ún. Wọ́n ní ẹni tó wà lábẹ́ ìdánwò kò ní nótíìsì kankan. Kí ni mo máa kọ, èló sì ni mo máa fún un?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ fún un ní lẹ́tà lọ́jọ́ Ẹtì yẹn o, àmọ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, 16 oṣù Karùn-ún. Àwọn tó sọ fún yín pé kò ní nótíìsì ń fi tiwọn kọ́ yín ni. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ fáwọn oníṣòwò nílùú yìí, ibi tí ìyọnu ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn.

Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, abala 11, kò dárúkọ ìdánwò rárá níbi tó ti sọ̀rọ̀ nótíìsì. Iye ìgbà téèyàn ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ló ń kà. Ẹni tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ, nótíìsì ọjọ́ kan ni tiẹ̀. Tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ó di ọ̀sẹ̀ kan, ó sì gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Oṣù mẹ́ta ọmọ yìí pé ní 2 oṣù Karùn-ún. Ká ní ìparí oṣù Kẹrin lẹ ti ṣe é ni, ọjọ́ kan ì bá tó. Ní báyìí, ọ̀sẹ̀ kan ni, kódà kí ìwé tí ẹ fi gbà á wọṣẹ́ sọ pé ẹ lè dá a dúró láìsí nótíìsì. Tí ìwé yẹn bá fún un ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tó pọ̀ jù náà lẹ máa tẹ̀ lé. Àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àtàwọn akọ̀wé ni òfin yìí wà fún o. Tó bá jẹ́ máníjà lẹ fẹ́ dá dúró, ohun tí ẹ jọ kọ sínú ìwé ìgbàsíṣẹ́ lẹ máa wò.

Tí ọkàn yín kò bá balẹ̀ kó ṣì máa wọ sítọ́ọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ san owó ọ̀sẹ̀ náà fún un kó máa lọ sílé, tó bá ti gbà bẹ́ẹ̀. Òfin fàyè gbà á. Ní ti owó oṣù tí ẹ dárúkọ yìí, iye kan náà ló máa gbà, bó wá síbi iṣẹ́ bó ò wá.

Ọ̀rọ̀ ìdí tí ẹ máa kọ ló gba sùúrù jù. Òfin Òṣìṣẹ́ kò fipá mú yín láti sọ ìdí, ṣùgbọ́n nínú ìdájọ́ Kóòtù Ilé-iṣẹ́ ti Orílẹ̀-èdè láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, wọ́n ti sọ ọ́ léraléra pé kò bójú mu mọ́ kéèyàn dá òṣìṣẹ́ dúró láìsọ ohun tó fà á. Nítorí náà, ẹ sọ ọ́. Àmọ́ kóòtù náà ló máa ní kí ẹ wá fi ẹ̀rí ti ohunkóhun tí ẹ bá ti kọ sílẹ̀. Mo ti rí ọ̀gá kan tó fi inú bíbí kọ lẹ́tà fún ọmọ tó ń ta ọjà fún un. Pípẹ́ dé ibi iṣẹ́ hàn nínú rẹ́jísítà kedere, ìyẹn nìkan ì bá tó o. Ọ̀gá wá fi gègé fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà tí a ti tẹ̀ pé, "ati ole jija". Kò sí ìwádìí, kò sí ẹni tó bi ọmọ náà ní nǹkan kan. Nígbà tí ìwé lọ́yà dé, kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ pípẹ́ mọ́. Gbólóhùn tó fi gègé kọ yẹn ni lọ́yà fi àmì sí, òun náà ni wọ́n sì sanwó lé lórí kí ọ̀rọ̀ tó parí.

Torí náà, ẹ má fi páànù sínú lẹ́tà yìí rárá. Ohun méjì tí ẹ ní ìwé fún ni kí ẹ kọ: pípẹ́ dé tó wà nínú rẹ́jísítà, àti àìkọ ọjà sórí bíńkáàdì, ìyẹn káàdì tí a ń kọ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde sí. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ ṣí méjèèjì wò. Tí bíńkáàdì páànù bá ṣófo láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, tí ìwé tí dírẹ́bà fi já ọjà sílẹ̀ sì fi hàn pé ọjà wọlé láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹ̀rí yín ti pé. Ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ sì kó ìwé gan-an pa mọ́ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò ti ní tó o. Lẹ́tà náà kò gbọ́dọ̀ kọjá ojú ìwé kan. Ẹ lè kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì tó bá wù yín, ohun tó máa wà nínú rẹ̀ nìyí:

*9 oṣù Karùn-ún, 2025*

*Sí: (orúkọ òṣìṣẹ́), Akọ̀wé Sítọ́ọ̀*

*FÍFI ÒPIN SÍ IṢẸ́ YÍN LÁSÌKÒ ÌDÁNWÒ*

*A gbà yín síṣẹ́ ní 3 oṣù Kejì, 2025, fún ìdánwò oṣù mẹ́fà. A ti wo bí iṣẹ́ yín ṣe ń lọ, a ò sì ní lè fi yín múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí.*

*Ìdí méjì ló fà á. Èkíní, rẹ́jísítà fi hàn pé ẹ ṣì ń pẹ́ dé lẹ́yìn ìwé ìkìlọ̀ tí a fún yín ní 11 oṣù Kẹrin. Èkejì, ẹ kò kọ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde sórí bíńkáàdì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìkìlọ̀ kan náà mẹ́nu bà á.*

*Lẹ́tà yìí ni nótíìsì ọ̀sẹ̀ kan fún yín. Ọjọ́ tí iṣẹ́ yín máa parí ni 16 oṣù Karùn-ún, 2025. Lọ́jọ́ náà, a máa san owó iṣẹ́ yín láti 1 sí 16 oṣù Karùn-ún, ₦60,000, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ₦15,000 tí ẹ fọwọ́ sí pé ẹ yá. Ìyókù, ₦45,000, máa wọ àkáǹtì tí a fi ń san owó oṣù yín.*

*Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ àti gbogbo ìwé ọjà padà kí ọjọ́ náà tó parí.*

Kí ẹ fọwọ́ sí i, ó parí. Ẹ má kọ "a lé yín". Lílé lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá yàtọ̀ sí fífi òpin sí i, èyí tí ẹ ń ṣe kò sì ní ìtìjú nínú.

Bí mo ṣe rí ₦60,000 nìyí. Mo gbà pé ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì ló ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ iṣẹ́ tó wà nínú oṣù Karùn-ún yìí jẹ́ 22, títí kan 1 oṣù Karùn-ún tí í ṣe ọjọ́ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́, torí owó oṣù kì í dín nítorí ìsinmi. ₦110,000 pín sí 22 jẹ́ ₦5,000 lóòjọ́. Láti 1 sí 16 jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 12, ìyẹn ₦60,000. Àwọn kan máa ń pín in sí ọjọ́ 31 kí wọ́n tó ṣírò ọjọ́ 16, wọ́n á sì rí nǹkan bíi ₦56,774. Ibi tí ìjà ti ń wá nìyẹn, torí ẹni tó ń lọ á ṣírò tiẹ̀ lọ́nà kejì. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń wo bí wọ́n ṣe san owó oṣù tó kọ́kọ́ gbà. Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kejì, ló wọlé. Tí ẹ bá san oṣù Kejì fún un ní pípé, ọjọ́ iṣẹ́ lẹ fi ṣírò nígbà yẹn, ẹ kò sì lè yí i padà lọ́jọ́ tó ń lọ. Bí ó bá ń wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ fi ọjọ́ wọ̀nyẹn kún un lápá méjèèjì.

₦15,000 tó fọwọ́ sí ṣeé yọ. Òfin kò gbà kí ohun tí a yọ nínú owó oṣù kan ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ìdá mẹ́ta ₦60,000 jẹ́ ₦20,000, torí náà ẹ ò tíì kọjá ààlà. Ẹ̀bùn ìsinmi ọdún kò sí fún un, torí òfin kò tíì fún ẹni tí kò lò tó oṣù mẹ́fà ní nǹkan kan lórí ìyẹn, àyàfi tí ìwé ìgbàsíṣẹ́ yín bá ṣèlérí rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ yín bá tó 15, ẹ ti ń yọ owó ìfẹ̀yìntì, kí ẹ fi ti oṣù yìí náà ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí ẹ bá sanwó tán.

Páànù ₦48,000 ni mo mọ̀ pé ó ń dùn yín. Ẹ má fọwọ́ kàn án nínú owó rẹ̀. Kéèyàn tó lè yọ owó ọjà tó sọnù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé àìkíyèsára rẹ̀ ló fà á, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ aláṣẹ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ti ìjọba. Láìsí ìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa di ẹni tó jẹ gbèsè. Pẹ̀lúpẹ̀lù, bíńkáàdì tó ṣófo kò lè sọ ẹni tó kó páànù, bóyá òun ni, bóyá agbẹ́rù, bóyá oníbàárà. Ẹ jẹ́ kí ìwádìí yẹn dá dúró lọ́tọ̀.

Ẹ tẹ ẹ̀dà lẹ́tà méjì. Ẹ pè é síbi tí kò sí oníbàárà, kí ẹni kan wà níbẹ̀. Kó fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín, kó kọ ọjọ́ àti aago sí i. Bó bá kọ̀, ẹ má bá a jà. Kí ẹni tó wà níbẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà pé wọ́n fún un lójú òun, kó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi fọ́tò lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí i lórí Wáásáàpù lójú ẹsẹ̀. A kì í ka ọjọ́ tó gba lẹ́tà mọ́ nótíìsì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10, ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ keje sì bọ́ sí 16 gẹ́lẹ́. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Ajé ló tó gba lẹ́tà, ọjọ́ tó parí á sún sí 19, owó rẹ̀ á sì di ₦65,000. Kí ẹ yí ọjọ́ àti owó inú lẹ́tà padà nígbà yẹn.

Ẹ fi owó náà ránṣẹ́ kí ọjọ́ 16 tó parí, ẹ má dúró de ìparí oṣù pẹ̀lú àwọn tó kù, torí òfin sọ pé kí owó ẹni tó ń lọ wọlé kí nótíìsì tó tán. Níbi tí báǹkì ti ń béèrè àlàyé, ẹ kọ "Owó iṣẹ́ 1–16 oṣù Karùn-ún". Ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí o, mà, torí bí ìdánwò oṣù mẹ́fà bá kọjá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ tí ẹ ṣì ń sanwó fún un láìkọ nǹkan kan, kóòtù lè kà á sí pé ẹ ti fi í múlẹ̀, lẹ́tà òkè yìí kò sì ní bá a mu mọ́.