Bí mo ṣe ń mọ iye tó tọ́ sí fúláàtì lóṣooṣù

"Ẹ jọ̀ọ́, mo rí fúláàtì oníyàrá méjì kan, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá owó tí onílé ń béèrè lóṣooṣù tọ́. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀?"

Iye tí àwọn onílé ń béèrè nìkan ni èmi náà kọ́kọ́ gbára lé, ó sì jẹ mí níyà fún odidi ọdún méjì. Mo wo ilé mẹ́wàá tí wọ́n polówó ládùúgbò, mo rí i pé owó tèmi ò ju tiwọn lọ, mo bá sanwó. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí mo kó wọlé, mẹ́rin nínú wọn ṣì wà láìrí ayálégbé. Iye tí ẹnikẹ́ni ò gbà láti san ni mo fi díwọ̀n tèmi! Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí ìpolówó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ padà wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ bi àwọn ayálégbé iye tí wọ́n ń san gan-an, àti ìgbà tí wọ́n kó wọlé, torí ẹni tó ti pẹ́ lè ṣì máa san owó àtijọ́.

Nígbà tí mo máa gba ilé kejì, mo pe iye tí onílé béèrè ní 100 kí ìṣirò lè rọrùn. Fúláàtì náà jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 58, kò ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, owó omi ò sì sí nínú owó ilé. Mo wá mẹ́ta tó jọ ọ́, oníyàrá méjì ni gbogbo wọn. (Ẹ má fi oníyàrá kan wé e: bí ilé bá ṣe kéré tó ni owó mítà kọ̀ọ̀kan sábà máa ń wọ́n tó.)

Àkọ́kọ́ tóbi bíi tèmi, 95 ni, ṣùgbọ́n ó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Mi ò méfò iye tí ìyẹn jẹ́. Nínú ilé yẹn kan náà, fúláàtì tó bá a dọ́gba àmọ́ tí kò ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ń gba 89. A jẹ́ pé 6 ni ibi ìgbọ́kọ̀sí, 89 ló kù. Ìkejì jẹ́ mítà 60, 96 ni, owó omi wà nínú rẹ̀. Mo yọ 5 tí àwọn ará ilé náà sọ pé omi máa ń jẹ, ó ku 91. Mo yọ ẹyọ 1 péré fún mítà méjì, torí ilé ìdáná àti balùwẹ̀ tó ń jẹ owó jù ò yàtọ̀. Ó di 90. Ìkẹta jẹ́ mítà 55, 84 ni. Mo fi 2 kún un, ó di 86.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá wà láàárín 86 sí 90. Ká ní wọ́n jìnnà síra ni, ohun kan tí mi ò rí ló fà á, bí ariwo òru tàbí ògiri tó ń rin, màá sì padà lọ wo ilé náà lálẹ́. Mo kó ìṣirò náà lọ bá onílé, mo sọ pé 87 ni mo lè san. A parí rẹ̀ sí 89.