Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tiyín sí i lẹ́nu

"Tí mo bá ti bá ẹnìkan tún àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ ṣe tán, ó máa ń dà bíi pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Níbo ni mo ti ń ṣì í?"

Ojú mi rí i kí n tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan ní kí n bá òun tún ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ fi bẹ ẹ̀gbọ́n òun ṣe. Ohun tó kọ nìyí:

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo mọ̀ pé mo ṣe é. Mo sọ̀rọ̀ yẹn lójú àwọn ọmọ yín, kò dáa, kò dáa rárá. Ẹ̀yin náà ò sì pè mí látọjọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo bá sọ ọ́ di:

"Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, mo ń fi àsìkò yìí tọrọ àforíjì tọkàntọkàn fún ìwà àìtọ́ tí mo hù sí yín. Mo ṣèlérí pé irú rẹ̀ kò ní wáyé mọ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kà á tán, ó fèsì pé: "Ta ló bá ọ kọ ọ́?" Ó dùn mí wọra, torí èmi ni mo ba ẹ̀bẹ̀ náà jẹ́.

Nígbà tí mo fi méjèèjì wéra ni mo tó rí i. "Lójú àwọn ọmọ yín" ni ẹ̀ṣẹ̀ náà gan-an, èmi sì fi "ìwà àìtọ́" rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fi bẹ ẹnikẹ́ni. Kò pe bọ̀ọ̀dá rẹ̀ ní "ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n" rí. "Kò dáa" tó sọ lẹ́ẹ̀mejì, mo kà á sí àwítúnwí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ wà. Ìlérí yẹn ńkọ́? Kò ṣèlérí kankan. Èmi ni mo fi sí i lẹ́nu, ìyẹn ló burú jù.

Nígbà tí a tún un kọ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo gbé síwájú, ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè ṣì gbọ́ nìkan ni mo fọwọ́ kàn. Ibi méjì péré ni. "Ọ̀rọ̀ yẹn" kò yé mi, torí wọ́n sọ oríṣiríṣi lọ́jọ́ náà. Mi ò wá ọ̀rọ̀ fún un, mo bi í ni: "Ọ̀rọ̀ wo?" Ó ní, "Èyí tí mo fi pè wọ́n ní ahun." Èkejì ni "ẹ̀yin náà ò sì pè mí", tó lè dún bí ẹ̀sùn. Mo bi í pé kí ló ní lọ́kàn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ojoojúmọ́ ni mò ń wo fóònù, bóyá wọ́n máa pè."

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo mọ̀ pé mo ṣe é. Mo pè yín ní ahun lójú àwọn ọmọ yín, kò dáa, kò dáa rárá. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo fóònù, bóyá ẹ máa pè. Ẹ jọ̀ọ́."

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ní kí ẹni tó ni ín kà á sókè. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, tàbí tí ohùn rẹ̀ yí padà bíi ti ẹni tó ń ka ìwé, ọ̀rọ̀ tiyín ló wà níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ bi í bí òun ṣe máa sọ ọ́.